Orin aláyọ̀ fún ọjọ́ ìdárayá ọ́fíìsì: èwo ni kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú?

Àṣàkẹ́_Òwúrọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Orin ọjọ́ ìdárayá ọ́fíìsì wa ti já lé mi léjìká. A tó ogójì: àgbà wà, ọ̀dọ́ wà, ẹ̀sìn wa kò papọ̀, èdè abínibí wa kò sì rí bákan náà. Wákàtí mẹ́ta ni a máa lò fún eré ìdíje, ijó, àti orin tí gbogbo wa máa jọ kọ. Orin tó ń múnú ẹni dùn ni mo fẹ́, tí kò ní ìsọkúsọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní í gbọ́ kó rò pé òun ni wọ́n ń bú. Èyí tí mo ti kó jọ rèé: Happy, Celebration, Pumped Up Kicks, Every Breath You Take, Let's Get It Started, Another One Bites the Dust, Macarena, Jerusalema. Èwo ni kí n yọ, báwo ni mo sì ṣe máa yẹ àwọn tó bá kù wò?

Dèjì_Tẹ̀ẹ́

Àǹtí, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ẹ wọ inú Settings lórí Spotify, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Allow explicit content sí, kí ẹ pa á. Gbogbo orin tí wọ́n bá fi lẹ́tà E sí lára kò ní lè dún mọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ máa jó lọ.

Bàbá_Orin

Dèjì, ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ lo ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Lẹ́tà E yẹn, àwọn tó ni orin ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tí olórin tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gbé orin jáde bá fẹ́ fi í ránṣẹ́, àwọn fúnra wọn ló máa sọ bóyá ìsọkúsọ wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbójú fò ó, tàbí tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ náà kò burú tó bẹ́ẹ̀, orin á wọlé wẹ́rẹ́ láìní àmì. Èyí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé èébú, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tó hàn gbangba, àti ìwà ipá tí wọ́n sọ láìfi bò ni àmì náà ń ṣọ́. Kì í ka ìtàn. Orin lè pa èèyàn mẹ́wàá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìbú ẹnì kankan.

Wo Pumped Up Kicks tó wà nínú àkójọ Àṣàkẹ́. Foster the People ló gbé e jáde lọ́dún 2010. Béèsì rẹ̀ fúyẹ́, wọ́n súfèé sí i, ọmọdé pàápàá á máa mi orí sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó rí ìbọn bàbá rẹ̀, tó wá ń ro bó ṣe máa yìn ín fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ni orin náà dá lé. Bí ẹ bá pa ètò tí o sọ yẹn, ó ṣì máa dún ketekete. Àṣàkẹ́, yọ ọ́.

Every Breath You Take tí The Police kọ lọ́dún 1983 náà rí bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ jọ ohùn olólùfẹ́, àwọn èèyàn tilẹ̀ ń lò ó níbi ìgbéyàwó. Fetí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa: ẹnìkan ló ń sọ fún ẹni tó ti fi í sílẹ̀ pé gbogbo ẹsẹ̀ tó bá gbé lòun ń wò. Sting tó kọ ọ́ ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé owú àti ṣíṣọ́ni ló wà nínú rẹ̀. Nínú ọ́fíìsì tí ọ̀gá wà, tí ọmọ abẹ́ wà, tó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti máa tẹ̀ lé ẹlòmíì kiri rí láìfẹ́ rẹ̀, n kò ní gbé e síta.

Let's Get It Started gba kéèyàn la ojú. Nígbà tí Black Eyed Peas kọ́kọ́ gbé e jáde nínú àwo Elephunk lọ́dún 2003, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé ló wà nínú àkọlé àti ègbè rẹ̀. Ọdún 2004 ni wọ́n gbé èyí tí o kọ sílẹ̀ yìí jáde, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lílù kan náà ni, ohùn kan náà ni. Èyí àkọ́kọ́ ṣì wà nínú àwọn àwo àtijọ́ àti nínú fáìlì tí àwọn èèyàn ti kó pamọ́ sórí fóònù wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí o bá máa lò ó, gbọ́ ègbè rẹ̀ fúnra rẹ, má gba fáìlì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Happy tí Pharrell Williams kọ fún fíìmù Despicable Me 2 lọ́dún 2013, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Celebration ti Kool & the Gang, 1980, òun náà dúró. Wo ohun tó mú kí àwọn méjèèjì yìí ṣeé lò: wọn kò bá akọ wí, wọn kò bá abo wí, kò sí olólùfẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀, kò sí ọtí, ègbè wọn kúrú, ẹni tí kò gbọ́ èdè náà dáadáa lè pàtẹ́wọ́ sí i ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá gbọ́ ọ. Irú ìyẹn ni kí o máa wá.

Mo fi Another One Bites the Dust sílẹ̀ torí ìbéèrè ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi ọ́: ṣé wọ́n ti dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ́fíìsì yín láìpẹ́ yìí?

Àṣàkẹ́_Òwúrọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Bẹ́ẹ̀ ni o. Oṣù tó kọjá ni wọ́n dá èèyàn mẹ́fà dúró, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí àwọn ọ̀gá ní ká ṣe ọjọ́ yìí, kí ara àwọn tó kù lè balẹ̀.

Bàbá_Orin

Yọ ọ́ kúrò, má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Orin Queen yẹn, láti 1980, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lọ́jọ́ mìíràn. Níbi eré ìdíje, nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá já, ó máa ń dùn gan-an pàápàá. Ṣùgbọ́n ohun tí ègbè rẹ̀ ń sọ ni pé ẹnìkan tún ti ṣubú lulẹ̀, ó tún ku ẹlòmíràn. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń ka àga tó ṣófo ní ọ́fíìsì wọn. Orin kan náà, ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìtumọ̀ méjì.

Don't Worry, Be Happy ti Bobby McFerrin, 1988, náà máa ń kó èèyàn sí irú wàhálà yìí. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, ẹnu àti ara rẹ̀ nìkan ló fi ṣe gbogbo ohùn tó wà níbẹ̀, kò sí ìlù kankan. Ṣùgbọ́n ó mẹ́nu ba onílé tó ń fi ẹjọ́ halẹ̀ torí owó ilé tó pẹ́, ó mẹ́nu ba ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, ó wá ní kó má ṣe dààmú. Ní ilé-iṣẹ́ tí owó oṣù ń wọlé déédéé, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín. Ní ibi tí owó oṣù ti pẹ́, ọ̀gá ló máa dà bíi pé ó ń fi òṣìṣẹ́ ṣẹ̀sín. Nítorí náà, kí èèyàn tó yẹ orin wò, kó kọ́kọ́ kọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì náà láàárín oṣù mẹ́fà sílẹ̀: ikú, ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́, owó oṣù tó pẹ́, ìjà. Kó wá fi ìyẹn ka ọ̀rọ̀ orin kọ̀ọ̀kan.

Ìró_Àgbàlá

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo rí i pé ẹ fẹ́ orin tuntun fún ilé-iṣẹ́ yín, mo ti gbé ọ̀kan kalẹ̀ báyìí. Ẹ lè fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sí i níbi tó bá wù yín:

Lílé: Ta ló gbé iṣẹ́ yìí dé ibi tó dé?
Ègbè: Àwa ni, gbogbo wa ni!
Lílé: Bó wúwo bó fúyẹ́, ta ló máa gbé e?
Ègbè: Àwa ni, gbogbo wa ni!

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó ń lé orin máa wá máa pe àwọn ènìyàn lórúkọ, á máa fi ìrísí àti ìwà oníkálukú dá wọn lápárá, gbogbo ilé á sì máa rẹ́rìn-ín.

Àṣàkẹ́_Òwúrọ̀

Ẹ ṣé o. Orin tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni mo ń bèèrè ní tèmi, àmọ́ èyí náà dùn, ó sì máa wúlò níbi tí a ti fẹ́ jọ kọrin. Apá tó kẹ́yìn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Bàbá_Orin

Ó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Ègbè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan, ó ti di ohun tí gbogbo ènìyàn rí. Lílé tí ẹnìkan ń hun lórí ìdúró ni wàhálà máa ń gbà wọlé. Ara olórin á ti yá, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, á wá ọ̀rọ̀ tó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni ikùn ẹnìkan, orí pípá ẹlòmíì, ẹni tí kò tíì lọ́kọ, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń kọlẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá lápárá náà á rẹ́rìn-ín torí kò ní ohun tó lè ṣe lójú èèyàn ogójì. Ẹ lo ègbè Ìró_Àgbàlá bó ṣe wà, ó dára. Ẹ kọ lílé mẹ́rin tàbí mẹ́fà sílẹ̀ ṣáájú, iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe ni kó dá lé, kí ẹni tó máa lé e má ṣe kúrò lórí rẹ̀.

Ìró_Àgbàlá

Ọ̀rọ̀ yín ní ìwọ̀n, sà. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ gbogbo àpárá kúrò, ṣé kì í ṣe orin ìpàdé ni yóò dà? Tí a bá bi ẹnìkan ṣáájú, tó sì ní òun gbà kí wọ́n dá òun lápárá lórí bó ṣe fẹ́ràn láti máa pẹ́ dé ńkọ́?

Bàbá_Orin

Ẹni tó bá gbà á tinútinú, kò burú. Kó jẹ́ ọ̀gá ló kọ́kọ́ gbà á, kó má ṣe jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́.

Dèjì_Tẹ̀ẹ́

Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn orin tó ní ẹ̀yà tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ńkọ́, èyí tí wọ́n ń kọ Clean tàbí Radio Edit sí lára? Orin tó dùn jù lọ lóde òní pọ̀ níbẹ̀. Ṣé ìyẹn kò tó?

Bàbá_Orin

Fún àfetígbọ́ nínú ọkọ̀, ó tó. Fún àpéjọ, kò tó, ohun tí mo sì fi ojú mi rí léraléra ni mo ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń fọ orin ni pé wọ́n á pa ohùn mọ́ ìsọkúsọ náà lẹ́nu, tàbí kí wọ́n yí i sẹ́yìn, àlàfo kékeré á wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ orin náà mọ ohun tó wà nínú àlàfo yẹn. Bí ìlù bá ti dé ibẹ̀, èèyàn mẹ́wàá á fi ariwo kún un. Ọ̀rọ̀ tí olórin ì bá fi ẹnu kan sọ wẹ́rẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ló wá ń pa á ní igbe, máníjà sì dúró síbẹ̀. Ìyẹn burú ju orin fúnra rẹ̀ lọ.

Radio Edit náà kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú Clean. Nígbà mìíràn wọ́n kàn gé orin kúrú kí ó lè bá àkókò rédíò mu ni, wọn kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe èyí tí ọ̀rọ̀ orin ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n kí èèyàn máa kọ ọ́ tẹ̀ lé e, ẹ ṣọ́ra, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ló lè wà níbẹ̀, kódà bó jẹ́ pé ẹ̀yà tí wọ́n fọ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ìlànà tèmi ni pé orin tí wọ́n ní láti fọ̀, n kì í lò ó fún ọ́fíìsì. Orin tí kò ní àlàfo pọ̀ ju èyí tí wákàtí mẹ́ta lè gbà.

Olùkọ́_Èdè

Mo ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Sípéènì, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sí Macarena. Ijó rẹ̀ rọrùn, ọwọ́ síwájú, ọwọ́ sí èjìká, ọwọ́ sí orí, ẹni tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, èyí sì jẹ́ ẹ̀bùn fún irú ọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹ kò gbọ́. Nínú orin tí Los del Río gbé jáde lọ́dún 1993 yẹn, Macarena ní ọ̀rẹ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Vitorino, ọjọ́ tí ọmọkùnrin náà lọ búra wọṣẹ́ ológun ni ọmọbìnrin yìí bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ. Ẹ̀yà tó gba gbogbo ayé kan lọ́dún 1996 tún ní ẹsẹ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí obìnrin náà fi ń ṣe fáàrí sí àwọn ọkùnrin.

Èmi ò sọ pé ẹ yọ ọ́. Ní kíláàsì mi, àwọn tó gbọ́ èdè náà máa ń rẹ́rìn-ín ni, wọn kì í bínú. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ bá ní ẹlẹgbẹ́ kan tó gbọ́ èdè yẹn, òun nìkan ló máa mọ ohun tí gbogbo ilé ń jó sí. Ẹ bi í. Ìlànà kan náà ni fún orin èyíkéyìí tó wà ní èdè tí ẹ kò gbọ́: ẹni tó gbọ́ ọ ni kó kà á, kì í ṣe ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè, torí pé ẹ̀rọ kì í mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ àdììtú ìbálòpọ̀.

Ìyá_Tóbi

Jerusalema ní tèmi kò yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Àdúrà ni. Master KG àti Nomcebo ló gbé e jáde lọ́dún 2019, èdè Súlú ni, ohun tó ń bẹ̀ níbẹ̀ ni pé Jerúsálẹ́mù ni ilé òun, kí Ó gba òun, kí Ó bá òun rìn. Kristẹni ni mí, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi tipátipá mú ẹlẹ́sìn mìíràn tàbí ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn láti jó àdúrà mi lẹ́nu iṣẹ́, kí ó má baà jẹ́ pé òun nìkan ló jókòó.

Bàbá_Orin

Ìyá Tóbi, mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà tán. Lọ́dún 2020, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ oníjó kan láti Àǹgólà fi ijó rẹ̀ hàn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn, ọlọ́pàá àti àlùfáà ní oríṣiríṣi ilẹ̀ ló jó o, onírúurú ẹ̀sìn ló sì wà níbẹ̀. Ijó ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló mú wọn dọ́gba. Níbi tí mo ti ń ṣeré, òun ni orin tó máa ń gbé àgbàlagbà dìde lórí àga jù lọ.

Ìyá_Tóbi

Àwọn tó dìde lẹ̀ ń rí, sà. Àwọn tí kò dìde kì í wá sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Gbọ́hùn_Mi

Ẹ má bínú pé mo máa yà díẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀ inú orin. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni mo ń lò ní etí méjèèjì, mo sì ti jókòó sí irú ọjọ́ yìí tó pọ̀. Gbogbo ènìyàn máa ń bi ara wọn bóyá orin mọ́. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá mo gbọ́ ohun tí wọ́n ní ká ṣe.

Bó ṣe rí létí mi rèé. Ẹ̀rọ yìí ń gbé ohùn gbogbo sókè pọ̀, ohùn ènìyàn àti ìlù. Bí ẹnìkan bá ń ṣàlàyé òfin eré nígbà tí orin ń dún lábẹ́lẹ̀, béèsì ló máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Mo máa rí i pé ẹnu rẹ̀ ń ṣí, gbogbo ènìyàn á sáré, èmi á máa wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó mọ ibi tí mo ń lọ. Wọ́n á ní mi ò kí ń bá èèyàn ṣeré.

Nítorí náà, ẹ má dín orin kù nígbà tí ẹ bá ń ṣàlàyé, ẹ pa á pátápátá. Ẹ má gbé ẹgbẹ́ kankan sí iwájú sípíkà gan-an. Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ pé orin ti pọ̀ jù kò gba ẹ̀rọ: kí ẹni méjì dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ara wọn kí wọ́n sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá ní láti gbóhùn sókè, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ibi ijó nìkan ni kó ti lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ibòmíràn tó dákẹ́ sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ lọ jókòó. Orin tí ẹ máa jọ kọ, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé ní lẹ́tà ńlá. Èmi á kọ ọ́, ohùn mi dùn.

Àṣàkẹ́_Òwúrọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀kan nínú wa ń lo irú ẹ̀rọ yẹn, mi ò sì tíì bi í ní nǹkan kan. Mo máa bi í lọ́la.

Bàbá_Orin, orin mélòó ni mo nílò gan-an? Tí mo bá ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ti wọn ránṣẹ́, ẹ̀rù ń bà mí pé á pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ.

Bàbá_Orin

Jẹ́ ká ṣírò ó. Wákàtí mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú 180. Bí orin bá máa dákẹ́ nígbà àlàyé, gẹ́gẹ́ bí Gbọ́hùn ṣe sọ, kí o tún yọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá, ìsinmi àti ìpín ẹ̀bùn, ìdajì lásán ló máa ṣẹ́ kù, ìṣẹ́jú 90. Orin kan máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí orin 26. Fi mẹ́rin kún un fún àfikún, ó di 30. Orin 30 kò pọ̀ jù láti kà.

Ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi orin kan péré ránṣẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí o wá èèyàn méjì tí wọn kò jọra: ọ̀dọ́ kan tó mọ àṣà ọ̀rọ̀ ìgboro, àti àgbà kan tí ẹ̀sìn tàbí èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ. Ọ̀rọ̀ orin ni kí wọ́n kà lórí ìwé kí wọ́n tó gbọ́ ọ, torí bí ìlù bá ti wọlé, ojú kì í ka ìtumọ̀ mọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fa ìlà sórí orin, ó ti lọ nìyẹn, kò ní láti ṣàlàyé. Ọ̀dọ́ ló máa mọ̀ pé orúkọ èso kan tàbí àwòrán kan ti di ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, ìwọ àti èmi kò ní mọ̀.

Orin tí wọ́n bá fà ìlà lé tó sì dun ẹni tó fi í ránṣẹ́, wò ó bóyá ẹ̀yà tí kò ní ohùn ènìyàn wà, kìkì ìlù àti fèrè. Ìyẹn dára fún ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń dé àti nígbà ìsinmi.

Dèjì_Tẹ̀ẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìrànwọ́ lórí áàpù, ibẹ̀ ni mo mọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti to orin 30 yẹn, ẹ pa Autoplay. Bí ẹ kò bá pa á, nígbà tí orin tó kẹ́yìn bá tán, áàpù á máa wá orin tó jọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn. Ẹ tún wo àmì ìdàpọ̀ orin, kó má jẹ́ Smart Shuffle ló wà níbẹ̀, torí ìyẹn máa ń ki orin tirẹ̀ bọ àárín àkójọ yín. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ sórí fóònù ṣáájú, kí nẹ́tíwọ́kì má baà dójú tì yín. Mo rí i níbì kan tí wọ́n lo àkáǹtì ọ̀fẹ́, ìpolówó ọtí ló jáde láàárín eré.

Bàbá_Orin

Dèjì, o ṣeun, ohun tó ń ba ọjọ́ jẹ́ jù lọ lo sọ yẹn. Mo wà níbi ayẹyẹ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti yẹ gbogbo orin wò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nígbà tí àkójọ tán, àwọn èèyàn ń kí ara wọn pé ó dàbọ̀, orin tí kò sẹ́ni tó yàn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹsẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ ló pe obìnrin ní orúkọ ajá. Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ kejì nìyẹn, orin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó dára kò wọ inú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Nǹkan kan tún wà. Àwọn àkáǹtì yìí, fún ìlò ara ẹni ni wọ́n ṣe ń tà á. Bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni gbọ̀ngán bóyá ó ní ìwé àṣẹ láti máa gbé orin síta fún àpéjọ. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngán ló ní in.

Àṣàkẹ́_Òwúrọ̀

Ibi tí mo dé rèé. Happy àti Celebration dúró. Pumped Up Kicks, Every Breath You Take àti Another One Bites the Dust ti lọ. Let's Get It Started, mo ti gbọ́ ègbè rẹ̀ lórí áàpù lẹ́ẹ̀mejì, ti 2004 ni, ó dúró. Macarena ń dúró de ẹlẹgbẹ́ mi kan tó dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì. Orin ègbè Ìró_Àgbàlá la máa fi parí, lílé mẹ́fà lórí ìwé.

Jerusalema ni mi ò tíì mọ̀. Mo ń ro ó pé kí n fi í sí ìgbà ìsinmi, nígbà tí kò sí ijó tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ jó, kí ẹni tó bá wù dìde fúnra rẹ̀.

Ìyá_Tóbi

Ìyẹn sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá yín bá dìde jó o, ṣé ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ á lè jókòó?

Bàbá_Orin

Nígbà ìsinmi, ó lè jókòó. Mo ṣì dúró lórí tèmi, Ìyá Tóbi, àmọ́ ìwọ Àṣàkẹ́ lo mọ ọ̀gá rẹ.

Fóònù tó bá máa gbé orin, fi í sí Airplane Mode lẹ́yìn tí o bá ti gba gbogbo orin sórí rẹ̀, kí o tún tan Bluetooth nìkan padà bí sípíkà yín bá ń lò ó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìpè ẹnìkan ló máa gba inú sípíkà jáde, tí gbogbo ilé á sì máa gbọ́ ọ.